“How are you?” àti “Wie geht's?”: ìgbà tí wọ́n ń béèrè àti ìgbà tí wọ́n kàn ń kíni

Ẹni tó bá ti gbé láàárín àwọn Gẹ̀ẹ́sì kó tó kó lọ sí Jámánì yóò bá ìbéèrè kan náà pàdé níbi méjèèjì, àmọ́ iṣẹ́ tí ìbéèrè náà ń ṣe yàtọ̀ síra. Gẹ̀ẹ́sì á ní “How are you?”, Jámánì á ní “Wie geht's?”. Létí Yorùbá, “ṣé dáadáa ni?” ni méjèèjì. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ṣe ní apá àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí n tó wá di nọ́ọ̀sì ní àríwá Jámánì níbi tí mo wà títí di òní. Nínú iṣẹ́ tèmi yìí, a kì í fi ìdáhùn ìbéèrè náà ṣeré, torí inú rẹ̀ la ti ń mọ ẹni tí ara ń ro àti ẹni tó tó lọ sílé. Bí mo ṣe ń dá ìbéèrè gidi mọ̀ yàtọ̀ sí ìkíni ni mo fẹ́ sọ.

Ẹ jẹ́ ká ti ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀. Nílé ìtọ́jú tí mo ti ṣiṣẹ́, bí ilẹ̀ bá ti mọ́, a ó máa pàdé ara wa lójú ọ̀nà tó gba àárín àwọn yàrá kọjá. Ẹni tó ń bọ̀ á ní “Morning, you all right?”, ẹni tó ń lọ á ní “Yeah, you?”, kálukú á sì bá tiẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó dúró. Ìbéèrè ni wọ́n fi dá ìbéèrè lóhùn, ọ̀rọ̀ sì ti parí. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é tán á fi “Not bad, thanks” kún un. Láàárín àwọn àgbà, pàápàá níbi tí wọ́n bá ti ń fi ẹnì kan han ẹnì kejì, ẹ ṣì lè gbọ́ “How do you do?”. Ìyẹn gbé àwọ̀ ìbéèrè wọ̀, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n fi ń dá a padà: “How do you do?”. Nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ẹni tó ń gbowó ní ṣọ́ọ̀bù pàápàá á bi yín pé “How are you today?” bó ṣe ń kó ẹrù yín, kò sì ní gbójú sókè. “Good, thanks” ló ń retí. Bí ọ̀dọ́ bá ní “What's up?”, “Not much” ti tó o.

Èyí ò ṣàjèjì sí ọmọ Yorùbá rárá. Bí a bá bi ẹnì kan nílé pé “Ṣé dáadáa lẹ jí?”, “A dúpẹ́” ló máa kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀, kódà bí ibà bá ti dá a dùbúlẹ̀ láti àná. Lẹ́yìn tó bá ti dúpẹ́ tán ni yóò wá sọ pé orí ń fọ́ òun. Torí náà, ìkíni àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò ni mí lára. Ẹni tó ni lára ni obìnrin Jámánì kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́, tó wá láti apá Láípísíìgì. Ọ̀gá wa máa ń kọjá lára rẹ̀ láràárọ̀ tí á ní “You all right?”. Lọ́jọ́ kan ló bi mí, tọkàntọkàn, pé kí ni ọ̀gá ń rí lára òun. Ó ní ṣé ojú òun fi hàn pé òun ń ṣàìsàn ni? Lédè tiẹ̀, irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, “Alles in Ordnung?”, ìyẹn “ṣé kò sí nǹkan?”, kì í jáde lẹ́nu èèyàn àyàfi tó bá rí nǹkan: ẹnì kan ṣubú, ẹnì kan ń sunkún, ojú ẹnì kan rẹ̀wẹ̀sì. Ọjọ́ mìíràn, ọ̀gá náà ní “How are you?” sí i. Ó dúró, ó gbé aṣọ tó kó dání kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé pé ẹni tó ń gbé lókè òun ò jẹ́ kí òun sùn, pé ìrìn ẹsẹ̀ rẹ̀ ń dún lálẹ́. Kó tó dé ìdajì ọ̀rọ̀, ọ̀gá ti yà sí yàrá tó wà ní ìpẹ̀kun. Ó dun obìnrin yìí gan-an. Ó ní àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń bini léèrè ohun tí wọn ò fẹ́ gbọ́, ó sì pè é ní irọ́. Mi ò fara mọ́ ọn. Ẹni tó kíni kò purọ́, bí ẹni tó ní “ẹ kú àárọ̀” kò ṣe sọ̀rọ̀ nípa àárọ̀.

Ìgbà tí mo dé Jámánì ni mo wá rí ibi tí ọ̀rọ̀ obìnrin náà ti ń wá. Àwọn Jámánì ní ọ̀rọ̀ ìkíni tó tó wọn lò láìbéèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. “Guten Morgen” wà fún àárọ̀. Lápá ọ̀dọ̀ wa lókè níhìn-ín, “Moin” ni wọ́n ń sọ, ó sì dára ní gbogbo wákàtí, àárọ̀ títí di alẹ́. Bó bá ti di ọ̀sán níbi iṣẹ́, wọn á máa sọ “Mahlzeit” fún ara wọn lẹ́nu ọ̀nà ibi tí wọ́n ti ń jẹun. Ìkíni ti parí síbẹ̀. Ẹni tó ń gbowó ní súpámákẹ́ẹ̀tì á ní “Hallo”, á dárúkọ iye owó, á ní “Schönen Tag noch”, kí ọjọ́ yín dára, kò sì ní bi yín bí ara ti rí. Bí ẹ bá bi í pé “Wie geht's?”, á gbójú sókè, á máa rò ó bóyá ẹ mọ òun níbì kan. Nítorí pé “Guten Morgen” ti ṣe iṣẹ́ ìkíni tán, “Wie geht's?” ráyè láti jẹ́ ìbéèrè. “How are you?” ò ráyè bẹ́ẹ̀, torí òun gan-an ni wọ́n fi ń kíni.

Bàbá àgbà kan ń gbé ní ìsàlẹ̀ ilé wa. Bá a bá pàdé níbi àpótí lẹ́tà, á kọ́kọ́ ní “Moin”. Lọ́pọ̀ ìgbà, ó tán síbẹ̀. Àmọ́ tó bá fẹ́ béèrè, á gbé báàgì ọjà rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́bàá ògiri, á kọjú sí mi, á wá ní “Und, wie geht's Ihnen?”. Lẹ́yìn ìyẹn, á dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn gùn ju èyí tí mo mọ̀ lọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì lọ, kò sì ní fi ọ̀rọ̀ mìíràn dí i. Mo sọ fún un nígbà kan pé orúnkún ń dùn mí nítorí àtẹ̀gùn. Nígbà tá a tún pàdé, ohun tó kọ́kọ́ béèrè ni orúnkún náà. Ẹni tó béèrè láti gbọ́, ó máa ń rántí.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé gbogbo “Wie geht's?” ló jẹ́ ìbéèrè gidi o. Àwọn tó jọ ń ṣiṣẹ́, tí wọ́n ń ríra lójoojúmọ́, á ní “Na, wie geht's?”, èkejì á ní “Gut, und dir?”, dáadáa ni, ìwọ ńkọ́, ẹni àkọ́kọ́ á ní “Auch gut”, dáadáa lèmi náà wà, ó parí. Àwọn ọ̀dọ́ tiẹ̀ lè sọ “Na?” nìkan, kí ẹnì kejì sì dá a padà pé “Na?”. “Alles klar?” náà wà níbẹ̀, “Ja, alles klar” sì ni èsì rẹ̀. Torí náà, èdè tí wọ́n fi béèrè nìkan ò tó láti fi mọ̀ ọ́n.

Ohun tí èmi kọ́kọ́ máa ń wò ni ibi tí ìbéèrè náà bọ́ sí. Bó bá gba ipò ìkíni, ìkíni ni. Bí ìkíni bá ti kọjá, tí ẹsẹ̀ ti dúró, tí ìbéèrè wá tẹ̀ lé e, wọ́n ń béèrè nìyẹn. Ẹsẹ̀ ẹni náà ń sọ òtítọ́ ju ẹnu rẹ̀ lọ, ojú rẹ̀ náà sì ń bẹ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń gbọ́ àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tó wà nínú ìbéèrè. Bí Jámánì bá fi “denn” sí i, tó ní “Wie geht's dir denn?”, ó fẹ́ gbọ́. Bó bá fi “so” parí rẹ̀, tó ní “Und wie geht's dir so?”, ó ń fẹ́ kẹ́ ẹ sọ nípa ayé yín lápapọ̀: iṣẹ́, ọmọ, ilé. Lọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, “How have you been?” ń wá láti ẹnu ẹni tí ẹ ò tíì rí fún ìgbà díẹ̀, ó sì fàyè gba ìròyìn díẹ̀. Àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀kan tí mo fẹ́ràn gan-an: “And how are you in yourself?”. Wọ́n ti béèrè nípa ojú egbò tàbí ẹsẹ̀ tó wú tán kí wọ́n tó bi aláìsàn ní èyí. Ohun tí wọ́n ń wá nísinsìnyí ni bó ṣe ń sùn, bó ṣe ń jẹun, bóyá inú rẹ̀ bà jẹ́.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù lọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni pé ìbéèrè gidi sábà máa ń jẹ́ èkejì. Ẹ wọlé ọ̀rẹ́ yín, ó ní “How are you?”, ẹ ní “Fine, thanks”. Ẹ bọ́ kóòtù, ẹ jókòó, ó gbé tíì wá, ó jókòó tì yín, ó wá tún un sọ: “So, how are you?”. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, àmọ́ èyí ni kẹ́ ẹ dáhùn. Mo ti rí àwọn ará ilé wa tó tún dáhùn “fine” sí èkejì yìí, tí ọ̀rẹ́ wọn sì rò pé wọn ò fẹ́ finú han òun.

Ọ̀ràn baba Gẹ̀ẹ́sì kan ló jẹ́ kí n rí bí àìmọ ìyàtọ̀ yìí ṣe lè ṣe èèyàn léṣe. Ó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, ó fẹ́ ọmọ Jámánì, ó sì ti pẹ́ níhìn-ín débi pé Jámánì já gaara lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n pààrọ̀ oríkèé ìbàdí rẹ̀. Lẹ́yìn irú iṣẹ́ abẹ bẹ́ẹ̀, a kì í jẹ́ kí aláìsàn pẹ́ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó gbọ́dọ̀ tètè dìde, kó fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀, kó rìn díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú ẹni tó ń kọ́ wọn ní ìrìn, kí ẹ̀jẹ̀ má bàa dì sínú iṣan ẹsẹ̀, kí ẹ̀dọ̀fóró sì máa ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Láàárọ̀, ẹnìkejì mi níbi iṣẹ́ wọlé tọ̀ ọ́. Ó ní “Guten Morgen, wie geht es Ihnen?”. Baba rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní “Gut, danke, und Ihnen?”. Nọ́ọ̀sì kọ ọ́ sínú ìwé pé aláìsàn ní ara òun yá. Nígbà tó yá, àwọn dókítà wọlé láti yẹ wọ́n wò. Ọ̀gá wọn béèrè ohun kan náà, baba fún un ní ìdáhùn kan náà, wọ́n jáde. Ẹni tó ń kọ́ wọn ní ìrìn dé, ó ní kí baba dìde, baba ní òun á ṣe é tó bá di ọ̀la.

Ọ̀sán ni mo wọṣẹ́. Níbi tí wọ́n ti ń ka ọ̀rọ̀ aláìsàn kọ̀ọ̀kan fún àwa tá a fẹ́ gbaṣẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo gbọ́ pé ara baba yá, mo tún gbọ́ pé ó kọ̀ láti rìn, ẹnì kan sì fi kún un pé ó dà bíi pé kò ní ìfẹ́ sí ìrìn. Ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí ò bára mu létí mi. Mo lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ ṣì wà lórí tábìlì, ó jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀. Nígbà tó fẹ́ yíra padà láti wò mí, ó di irin ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì mú gírígírí, ó sì dá èémí rẹ̀ dúró títí ó fi yí tán. Ẹ̀rín ò kúrò lójú rẹ̀ o.

Mo kí i, mo fa àga, mo jókòó. Mi ò bi í pé “How are you?”, torí mo mọ ohun tó máa sọ. Mo bi í lédè Gẹ̀ẹ́sì pé, láti 0 dé 10, níbi tí 0 ti jẹ́ pé kò sí ìrora rárá, tí 10 sì jẹ́ èyí tó burú jù tó lè rò, mélòó ni tiẹ̀ nígbà tó bá dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́? Ó ní méjì, ó lè jẹ́ mẹ́ta. Mo ní, tó bá gbé ẹsẹ̀ sílẹ̀ ńkọ́? Ó wo fèrèsé fún ìgbà díẹ̀. Ó ní méje. Ó tún ní, àbí mẹ́jọ. Lẹ́yìn náà ló sọ gbólóhùn tí mo ti gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà Gẹ̀ẹ́sì láìmọye ìgbà: “I didn't want to make a fuss.” Kò fẹ́ yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu.

Níbi iṣẹ́ wa, bí nọ́ńbà yẹn bá ju 3 lọ nígbà tí aláìsàn dùbúlẹ̀, tàbí tó ju 5 lọ nígbà tó bá ń mira, ó di dandan ká ṣe nǹkan sí i. Mo pe dókítà, ó ṣàtúnṣe sí oògùn ìrora rẹ̀, a sì ṣètò kó máa lò ó ṣáájú ìgbà tí wọ́n á wá fún ìrìn, kí oògùn ti máa ṣiṣẹ́ kó tó gbẹ́sẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó fi ọ̀pá méjì rìn dé ẹnu ọ̀nà yàrá, ó sì padà.

Ẹnìkejì mi bi mí, inú rẹ̀ ò dùn, pé kí ló wá dé tí baba fi sọ fún òun pé “gut”. Mo ní kò purọ́ fún un. Ìkíni ló gbọ́, ìkíni ló fi dáhùn, bó ṣe kọ́ ọ láti kékeré, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èdè Jámánì ló fi sọ ọ́. Èdè Jámánì rẹ̀ dá ṣáká, àmọ́ àṣà ìkíni tó wà lábẹ́ rẹ̀ ṣì jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì. Ẹnìkejì mi náà kò jẹ̀bi lójú tèmi. Ó béèrè tọkàntọkàn, wọ́n fún un lésì, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Láti ìgbà náà, ìbéèrè tá à ń lò ni èyí tí kò ṣeé fi ìkíni dáhùn: “Wie war die Nacht?”, báwo ni òru ṣe rí, ibo ló ń dùn yín, kí lẹ ò lè ṣe nítorí rẹ̀. “Haben Sie Schmerzen?”, ṣé ara ń ro yín, nìkan ò tó, torí “nein”, rárá, ni irú baba yẹn á sọ.

Àwọn ìyá tiwa náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyá kan wá kí ọmọ rẹ̀ níhìn-ín, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, wọ́n gbé e wá. Dókítà ní “Wie geht es Ihnen?”, ọmọ rẹ̀ túmọ̀ rẹ̀ fún un pé “Màmá, ṣé dáadáa ni?”, ìyá ní “A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run”, ọmọ sì sọ fún dókítà pé “Gut”. Mo sún mọ́ wọn, mo ní “Ẹ kú ìnira, Màmá. Ibo gan-an ló ń dùn yín jù?”. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ àlàyé, wọ́n sì ṣe é kúnnákúnná.

Bí ẹ bá lọ rí dókítà fúnra yín, ẹ fi èyí sọ́kàn. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, “How are you?” tí dókítà sọ bẹ́ ẹ ṣe ń wọlé jẹ́ ìkíni. Ẹ lè ní “Fine, thanks”, kò ní pa ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ bá wá lára. Ìbéèrè rẹ̀ gan-an á tẹ̀ lé e, bíi “What can I do for you?”. Ní Jámánì, dókítà á kí yín ní “Guten Tag”, á bọ̀ yín lọ́wọ́ tàbí kó tọ́ka àga sí yín, lẹ́yìn náà bó bá ní “Wie geht es Ihnen?” tàbí “Was führt Sie zu mir?”, kí ló gbé yín wá, ẹ bẹ̀rẹ̀ àlàyé yín níbẹ̀. Bí ẹ bá fi “gut” dá a lóhùn, ó lè máa rò pé ìwé àyẹ̀wò lásán lẹ wá gbà.

Ìdáhùn wọn náà ní ibi tó ti ń tan àjèjì. “Es geht” lẹ́nu Jámánì dà bí “ó ń lọ dáadáa” létí wa, àmọ́ ohun tó ń sọ ni pé kò dára tó, òun kàn ń fara dà á ni. “Geht so” rí bẹ́ẹ̀. Bí aláìsàn bá ní “es geht”, mo máa ń dúró bi í sí i. “Muss ja” ń wá láti ẹnu àwọn àgbà tó ti ṣe iṣẹ́ agbára: ara ò yá, àmọ́ wọn ò ní jókòó tì í. Lọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, “Not too bad” dún bí ẹni pé nǹkan ò dára, bẹ́ẹ̀ dáadáa ni wọ́n ń sọ. “I've been better” ló yẹ kó dá yín dúró, torí nǹkan burú. “Getting there” ni ti ẹni tó ń gbádùn díẹ̀díẹ̀ àmọ́ tí kò tíì dé ibẹ̀.

Bí mi ò bá mọ èyí tí ẹni tó ń bá mi sọ̀rọ̀ ń ṣe, ìdáhùn ìdajì ni mo máa ń fún un, màá wá dúró díẹ̀. Fún Jámánì, màá ní “Geht so”. Ẹni tó ń béèrè á ní “Wieso, was ist denn?”, kí ló dé, á sì dúró gbọ́. Ẹni tó ń kíni á ní “Na ja, wird schon”, á dára náà ni, á máa lọ. Fún Gẹ̀ẹ́sì, màá ní “Bit tired, actually”. Ọ̀kan á ní “Oh? What's happened?”, á sì kọjú sí mi. Èkejì á ní “Aren't we all”, á ti dé ẹnu ọ̀nà kejì, èmi náà á sì gbé iṣẹ́ mi lọ.